Ìka Mẹ́fà, Eyín Aláìníye, Èrò Aláìlójú

Àwòrán ni iṣẹ́ mi. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Kétu, níbi tí mo ti ń ya fọ́tò, tí mo sì ń tún àwọn èyí tó ti gbó ṣe. Láti bí ọdún mélòó kan sí àsìkò yìí, ìbéèrè kan wà tí àwọn oníbàárà mi kò yé bi mí: “Ọ̀gá fọ́tò, ẹ̀rọ tó lè ya aṣọ òfì títí dé orí fọ́nrán òwú rẹ̀, kí ló dé tí kò lè ka ìka ọwọ́ dé márùn-ún?” Wọn a sì fi eyín kún un, wọn a fi ọ̀pọ̀ èrò kún un, bí ẹni pé àrùn kan náà ló ń bá gbogbo wọn jà. Kì í ṣe àrùn kan náà. Ohun tí ó ń ba eyín àti èrò jẹ́ yàtọ̀ sí ohun tí ó ń ba ọwọ́ jẹ́, oògùn wọn kò sì papọ̀. Iṣẹ́ ìwé ìròyìn yìí gan-an ni ó jẹ́ kí n rí ọ̀rọ̀ náà yẹ̀bẹ̀yẹ̀bẹ̀.

Ìgbìmọ̀ àyájọ́ ń wá àwòrán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ lórí ìlà ní òwúrọ̀. Kò sí ẹni tí ó rí ọ̀kan mú jáde. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìgbìmọ̀ wá jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó ṣí Stable Diffusion, ó kọ ohun tí ó ń fẹ́ sí i, kò sì ju ìṣẹ́jú kan lọ tí àwòrán náà fi jáde: àwọn ọmọ nínú aṣọ ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n tò lọ rẹrẹẹrẹ, olùkọ́ kan dúró níwájú wọn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè. Lójú fóònù, kò sí ẹni tí kò yìn ín. Wọ́n ní kí n bá wọn sọ ọ́ di ńlá kí ó lè gba ojú ìwé méjì. Nígbà tí mo ṣí i lójú kọ̀ǹpútà mi, àwọn ọmọ tó wà ní ìlà iwájú ṣì ní ojú ènìyàn. Láti ìlà kẹta lọ sẹ́yìn, ojú wọn dà bí àbẹ́là tí iná ti yọ́. Eyín olùkọ́ náà jẹ́ ọ̀já funfun kan gbọọrọ tí wọ́n fa ìlà sí lára, ìlà náà sì pọ̀ ju eyín tí ẹnu kan lè gbà lọ. Ọwọ́ tí ó nà sókè ní ìka mẹ́fà, kò sì sí èyí tí ènìyàn lè pè ní àtàǹpàkò nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Kì í lọ gé ojú ẹnìkan kí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọrùn ẹlòmíràn, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò. Àwọn tó kọ́ ọ kó àìmọye àwòrán tó ní àkọlé jọ, wọ́n sì da èérí sójú wọn díẹ̀díẹ̀, irú èérí yẹ́ríyẹ́rí tí a máa ń rí lójú tẹlifíṣàn nígbà tí kò bá rí ilé-iṣẹ́ kankan gbé. Ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ náà ni pé kí ó mọ èyí tí í ṣe èérí yàtọ̀ sí èyí tí í ṣe àwòrán. Nígbà tí ó bá mọ̀ ọ́n tán, wọn a gbé èérí lásán síwájú rẹ̀, wọn a ní kí ó fọ̀ ọ́ títí yóò fi di àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lórí ìlà. Yóò fọ̀ ọ́ bí ogún ìgbà tàbí àádọ́ta. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ibi tí ọ̀run wà àti ibi tí àwọn ènìyàn dúró sí nìkan ni yóò hàn. Ní ìparí ni àwọn ohun kéékèèké tó máa ń yọjú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ eyín àti èrò ti bẹ̀rẹ̀ ni pé kì í ṣe ojú àwòrán gan-an ni ẹ̀rọ náà ń fọ̀. Iṣẹ́ ọ̀hún yóò wọ kọ̀ǹpútà lọ́rùn jù. Stable Diffusion àkọ́kọ́, tí ó jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, a máa ya àwòrán tí ó ní píksẹ́lì 512 ní ìbú àti 512 ní òró. Píksẹ́lì ni ẹyọ àwọ̀ kékeré tí a fi ń to àwòrán lójú kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti pín ojú àwòrán náà sí yàrá-yàrá, 64 ní ìbú àti 64 ní òró. Yàrá kan dúró fún píksẹ́lì mẹ́jọ ní ìbú àti mẹ́jọ ní òró. Bí a bá ka àwọ̀ mẹ́ta tí píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ní, nọ́ńbà 192 ló wà nínú yàrá náà ní ojúlówó àwòrán. Nọ́ńbà mẹ́rin péré ni ẹ̀rọ náà fi rọ́pò wọn. Inú àwọn yàrá wọ̀nyí ni ó ti ń fọ èérí. Ìgbà tí ó bá ṣe tán ni apá mìíràn nínú ẹ̀rọ yóò tú yàrá kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, tí yóò sì fi òye gbé ohun tó ti sọnù padà sí àyè rẹ̀.

Fún ògiri, fún ọ̀run, fún agbádá gbàgẹ̀dẹ̀, nọ́ńbà mẹ́rin ti tó tán. Ẹ wá wo àwọn ọmọ tó wà lórí ìlà. Bí ọgbọ̀n ọmọ bá tò ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn nínú àwòrán tí ìbú rẹ̀ jẹ́ píksẹ́lì 512, ọmọ kọ̀ọ̀kan kò ní ju píksẹ́lì 17 lọ. Bí a bá yọ èjìká àti àlàfo tó wà láàárín wọn kúrò, ojú ọmọ náà kù bí píksẹ́lì mẹ́wàá, èyí tí ó fi díẹ̀ ju yàrá kan lọ. Ojú méjì, imú, ẹnu àti ìpéǹpéjú ni a fẹ́ kó sínú yàrá kan àti àbọ̀. Ṣe ni ó dà bí ìgbà tí a fún ìyá aláta ní Mile 12 ní kóńgò, tí a ní kí ó fi wọn iyọ̀ ṣíbí kan. Kì í ṣe pé ìyá náà kò mọ ìwọ̀n. Ohun èlò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó tóbi ju ohun tí ó fẹ́ wọ̀n lọ.

Ọ̀nà kan wà tí a fi lè mọ̀ dájú pé yàrá wọ̀nyí ló fa á, tí kì í ṣe àìmọ̀ ẹ̀rọ nípa ojú ènìyàn. Mo mú fọ́tò kan tí mo fi kámẹ́rà ara mi yà níbi ìdíje eré ìdárayá, tí àwọn òbí jókòó lọ jàra lábẹ́ kánópì. Mo sọ ọ́ di píksẹ́lì 512, mo sì ní kí ẹ̀rọ náà kàn fún un pọ̀ sínú yàrá, kí ó sì tú u sílẹ̀ padà. N kò ní kí ó ya ohunkóhun. Kò sí èérí, kò sí ọ̀rọ̀ ìtọ́ni. Kánópì jáde bí ó ṣe wà, koríko jáde bí ó ṣe wà. Ṣùgbọ́n àwọn òbí tó wà lẹ́yìn ti di ẹlòmíràn: ojú ẹnìkan ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́, ẹnu ẹlòmíràn ti pòórá. Ènìyàn gidi tí mo mọ̀ sójú ni wọ́n, ẹ̀rọ náà kò sì tíì dá nǹkan kan yà tí wọ́n fi bàjẹ́.

Ti eyín kò jìnnà sí èyí. Ká ní ojú olùkọ́ wa gba píksẹ́lì 200 nínú àwòrán. Bí ó bá rẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ yóò gba nǹkan bí 80. Eyín mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá ni yóò hàn lókè, nítorí náà eyín kan kò ní ju nǹkan bí yàrá kan lọ, ìlà tó wà láàárín eyín méjì kò sì ní ju píksẹ́lì kan lọ. Ẹ̀rọ náà mọ̀ pé nǹkan funfun tó ní ìlà ni ó yẹ kí ó wà níbẹ̀. Iye ìlà náà ni kò sí nínú ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ eyín tí ẹ̀rọ yà, kí ó wo ìsàlẹ̀ imú tààrà. Eyín ńlá méjì iwájú a máa pàdé níbẹ̀, ìlà tó wà láàárín wọn a sì bọ́ sí àárín ojú. Nínú àwòrán ẹ̀rọ, ó wọ́pọ̀ kí ẹyọ eyín kan ṣoṣo jókòó sí àárín náà. Èjí tí àwa kà sí ẹwà tún wá jẹ́ ìdánwò tirẹ̀. Mo ti kọ ọ́ sí ọ̀rọ̀ ìtọ́ni lọ́pọ̀ ìgbà pé kí obìnrin náà pa èjí. Nígbà mìíràn ẹ̀rọ á fi àlàfo sí ẹ̀gbẹ́, nígbà mìíràn á yọ eyín kan kúrò pátápátá, bí ẹni tó jà ní ìta.

Oògùn irú àrùn yìí rọrùn. A ó gé ojú tó bàjẹ́ jáde, a ó sọ òun nìkan di píksẹ́lì 512, a ó da èérí díẹ̀ sí i, a ó ní kí ẹ̀rọ fọ̀ ọ́, a ó sì dá a padà sí àyè rẹ̀. Ojú tó ní yàrá kan àti àbọ̀ tẹ́lẹ̀ ti wá ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún yàrá. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ orí ìlà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbà mí ní ìrọ̀lẹ́ méjì. Gbogbo wọn ní ojú, wọ́n ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, eyín olùkọ́ náà sì tò dáadáa. Mo gbé e lọ sí ìpàdé ìgbìmọ̀. Bàbá kan tí ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn gba àwòrán náà, ó wọ gíláàsì rẹ̀, ó fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan lọ títí dé ìparí, ó sì béèrè pé, “Ẹ jọ̀wọ́, èwo nínú wọn ni èmi?” Ilé pa rọ́rọ́. Ìgbà tí ojú wọ̀nyẹn fi wú bí àbẹ́là tó yọ́, kò sí ẹni tó lè fẹ́ wá ara rẹ̀ níbẹ̀. Àtúnṣe tí mo ṣe ni ó jẹ́ kí ojú wọn dà bí ojú ọmọ ẹnìkan, wọn kò sì í ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni. Ìgbìmọ̀ yọ àwòrán náà kúrò. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi rí i nínú ìwé yìí.

N kò fi èyí sọ pé kò sí ohun rere tó lè ti inú ẹ̀rọ yìí jáde. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Malik Afegbua, olùdarí fíìmù ní Èkó níbí, fi Midjourney ya àwọn àgbàlagbà tí wọ́n wọ aṣọ ìgbàlódé, tí wọ́n ń rìn bí afẹwàṣiṣẹ́. Àwòrán náà káyé já, àwọn kan sì rò pé irú ètò bẹ́ẹ̀ wáyé ní tòótọ́. Nígbà tí mo fi ojú oníṣẹ́ wò ó, mo rí i pé nínú ọ̀pọ̀ wọn, àgbàlagbà kan ṣoṣo ló gba àárín àwòrán, ó sì tóbi dáadáa. Ojú rẹ̀ ní yàrá tó pọ̀ tó. Afegbua kò sì pe ẹnikẹ́ni nínú wọn ní bàbá ẹnìkan.

Ó wá ku ọwọ́. Mo gé ọwọ́ olùkọ́ náà jáde gẹ́gẹ́ bí mo ti gé ojú àwọn ọmọ, mo sọ ọ́ di píksẹ́lì 512, mo ní kí ẹ̀rọ fọ̀ ọ́. Èékánná jáde, ìlà àtẹ́lẹwọ́ jáde, oríkèé ìka jáde kedere. Ìka ṣì jẹ́ mẹ́fà. Mo tún un ṣe, ó di mẹ́rin. Mo tún un ṣe, ó di márùn-ún, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò wà ní ẹ̀gbẹ́ tí kò yẹ kí ó wà. Yàrá kò wọ́n mọ́ báyìí, àrùn náà kò sì lọ. Ẹ ṣàkíyèsí èyí: bí ohun tó bàjẹ́ bá dára nígbà tí a sọ ọ́ di ńlá, kíkéré ló ń bá a jà, bí kò bá dára, ìmọ̀ ni kò sí.

Kí ni ẹ̀rọ náà kò mọ̀ nípa ọwọ́? Ẹ wo ojú ènìyàn ná. Nínú ẹgbẹ̀rún fọ́tò, ẹyinjú méjì yóò wà lókè imú, ẹnu yóò wà nísàlẹ̀. Ojú kì í ká, kì í sì í wọ inú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n egungun 27 ló wà nínú ọwọ́ kan, ó sì lè di ẹ̀ṣẹ́, ó lè tẹ́ pẹrẹsẹ, ó lè tọ́ka, ó lè di ìka ẹlòmíràn mú. Ẹ lọ dúró ní ọjà Mile 12 ní òwúrọ̀ kí ẹ wo ọwọ́ àwọn tó ń ṣa tòmátò. Ìka mẹ́ta ló hàn lára èyí tó di etí apẹ̀rẹ̀ mú; ìka méjì ló yọ lára èyí tó wọ inú ata; ọwọ́ alábàárù tó di ẹrù orí mú kò ju ìka mẹ́rin lọ lójú ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Bí a bá ya gbogbo wọn ní fọ́tò, òótọ́ ni fọ́tò kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wọn ni yóò fi ìka márùn-ún hàn.

Irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ fi kọ́ ẹ̀kọ́. Inú àkójọ kan tí wọ́n ń pè ní LAION-5B ni wọ́n ti ṣa àwọn àwòrán tí wọ́n fi kọ́ Stable Diffusion. Àwòrán bílíọ̀nù márùn-ún ó lé ló wà níbẹ̀, àkọlé wọn sì ni ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn fúnra wọn kọ mọ́ wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ta ni yóò gbé fọ́tò ìyá aláta síta, tí yóò kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ìka mẹ́ta ló hàn, méjì wà lẹ́yìn apẹ̀rẹ̀? “Obìnrin tó ń ta ata” ni yóò kọ. Kò sí ẹni tó sọ fún ẹ̀rọ rí pé ọwọ́ kan náà ni ọwọ́ tí ó fi ìka méjì hàn àti ọwọ́ tí ó fi márùn-ún hàn. Ohun tí ó rí kọ́ ni pé ní ẹ̀gbẹ́ ìka, ìka mìíràn ló máa ń wà. Òótọ́ sì ni, àfi tí a bá dé orí ìka tó kẹ́yìn. Ibi tí ó yẹ kí ó dúró ni kò mọ̀, nítorí kì í kà á. Ẹ wo ọwọ́ oníka-mẹ́fà tí ẹ̀rọ yà, kí ẹ fi ìwé bo apá kan rẹ̀: ìka méjì-méjì tí ẹ bá rí yóò tọ́, yóò lẹ́wà. Àpapọ̀ wọn ni kò tọ́.

Ayàwòrán tó jẹ́ ènìyàn a máa ṣi ọwọ́ yà pẹ̀lú; ọwọ́ ló máa ń le jù fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi náà nígbà tí a bá ní kí wọ́n fi pẹ́ńsù ya nǹkan. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tirẹ̀ wà ní iwájú rẹ̀ tí yóò fi wò. Ó lè ya ìka kan nípọn jù, kò ní yà á ní mẹ́fà. Ohun kan tún wà níbẹ̀ tó jẹ́ ti àwa olùwòran. Ẹ̀rọ náà ṣi iye tòmátò inú apẹ̀rẹ̀ yà, ó ṣi ẹ̀ka igi yà, ó ṣi ìlà orí aṣọ yà. Kò sí ẹni tó bá a wí, nítorí kò sí ẹni tó mọ iye ẹ̀ka tó yẹ kí igi ní. Ọwọ́ ni gbogbo wa mọ iye rẹ̀ láti kékeré.

Àwọn ẹ̀rọ tó tẹ̀lé e ti sàn jù. Midjourney V5 jáde ní oṣù kẹta ọdún 2023, ọwọ́ tí ó ń yà sì dára ju ti ìṣáájú lọ dáadáa. Ní oṣù keje ọdún náà, Stable Diffusion XL bẹ̀rẹ̀ sí í lo píksẹ́lì 1024 ní ìbú àti ní òró, èyí tó fún un ní yàrá ìlọ́po mẹ́rin. Stable Diffusion 3 ti ọdún 2024 ń fi nọ́ńbà 16 sínú yàrá kan dípò mẹ́rin. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ṣì ń fi ìka nìkan dá àwòrán ẹ̀rọ mọ̀, yóò gba èké gbọ́ láìpẹ́. Ọ̀pọ̀ èrò ṣì ń tú àṣírí, nítorí bó ti wù kí yàrá pọ̀ tó, ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá yóò ṣì kéré ju yàrá lọ. Bí wọ́n bá fi àwòrán èrò ránṣẹ́ sí mi, ẹ̀yìn ni mo máa ń kọ́kọ́ lọ. Mo ń wo apá tó wà lórí èjìká ẹlòmíràn, mo ń tọ̀ ọ́ lọ kí n mọ ara ẹni tí ó ti wá. Nínú fọ́tò gidi, bó ti wù kí èrò pọ̀ tó, apá kọ̀ọ̀kan ló ní olówó rẹ̀.

Ìka mẹ́fà pàápàá kì í ṣe ẹ̀rí fúnra rẹ̀. Wọ́n ń bí ọmọ oníka-mẹ́fà, ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú ju láàárín àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Ìyá kan wá bá mi láti Ìkòsì pẹ̀lú fọ́tò dúdú-àti-funfun bàbá rẹ̀ tó ti di olóògbé. Ó ti fi fóònù yà á, ó sì ti fi ránṣẹ́ sí ẹbí, ni ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan bá dáhùn pé ẹ̀rọ ló ya èyí, kí wọ́n wo ọwọ́ òsì. Inú ìyá náà kò dùn rárá. Mo gba fọ́tò náà gan-an, mo yí i padà, mo rí òǹtẹ̀ ayàwòrán ìgbà náà lẹ́yìn rẹ̀, mo wá fi gíláàsì asọ-nǹkan-di-ńlá wo ọwọ́ ọ̀hún. Ìka kẹfà kéré, ó yọ láti ẹ̀gbẹ́ ọmọńdinrín, ó ní èékánná tirẹ̀, ó sì ní òjìji tirẹ̀ lórí agbádá. Ìyá náà ní, “Ìka yẹn ni mo máa ń dì mú bí a bá fẹ́ sọdá títì.” Ó béèrè bóyá kí n yọ ọ́ kúrò nínú èyí tí a fẹ́ fi sínú férémù, kí ẹnu àwọn ọmọ lè pa mọ́. Kí n tó fèsì, ó ti dá ara rẹ̀ lóhùn. A tẹ̀ ẹ́ ní ńlá, ínńṣì 20 sí 24, pẹ̀lú ìka mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.